Ẹ bá mi wo àwòrán ímeèlì yìí: èwo gan-an ló fi hàn pé ayédèrú ni?

Alásọ Ìṣẹ́yìn

Ímeèlì kan wọlé sórí fóònù mi ní òru àná. Ó ní ọ̀dọ̀ báǹkì mi ni òun ti wá, àti pé wọn yóò ti àkáǹtì mi bí n kò bá fi BVN mi múlẹ̀ láàárín wákàtí 24. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo sì fi àmì pupa yí ohun márùn-ún ká: aago tó wọlé, «Dear Customer», wákàtí 24, lógò tí kò mọ́ dáadáa, àti bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wò ó, ó ní ohun tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú ohun tí mo yí ká. Kí ni mo fò?

---

Olùkọ́ Àgbà

N kò rò pé ẹ fo ohunkóhun. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni mo sì fi ń dá ìwé gbájúẹ̀ mọ̀, nítorí pé báǹkì ńlá kì í kọ Gẹ̀ẹ́sì jákujàku ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ohun kejì tí mo máa ń wò ni àgádágodo kékeré tó máa ń wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ojú-ìwé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà, kí ẹ wò bóyá àgádágodo wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ pa á dé kíá.

---

Akọ̀wé Sáfà

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì náà nítorí àgádágodo. Ohun tí àgádágodo yẹn ń sọ kò ju pé ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń kọ bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Kò sọ ẹni tó wà ní òpin ọ̀nà náà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn lẹ àpò ìwé pa dáadáa tó sì fi ránṣẹ́ sí ilé olè: lóòótọ́ ni pé ọmọ tí wọ́n fi rán kò ní lè ka inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ olè ni yóò bọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àgádágodo jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ènìyàn sì fi ń gbà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ojú-ìwé ayédèrú tí mo ti rí láìpẹ́ yìí ló ní in.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, mo ti ṣe àdàkọ ohun tó wà nínú àwòrán Ìyá Alásọ síbí. Mo yí orúkọ báǹkì padà sí «bankwa», n óò sì yí ìparí gbogbo àdírẹ́sì tí mo bá kọ padà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lọ síbẹ̀.

```
BANKWA ALERT
bcc: me          2:47 AM

Dear Customer,
Your account with card 5399 **** **** **** will be
restricted in 24 hours. Confirm your BVN, card
number and PIN to keep it active.

[ UPDATE BVN NOW ]
```

Ọ̀gá, ẹ bá mi wá àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀. Kò sí. Òótọ́ ni pé àṣìṣe máa ń tú àwọn kan fó, bí ẹ bá sì rí i, ẹ kà á sí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àìsí àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, nítorí pé ẹni tó fẹ́ jalè lè ṣe àdàkọ ìwé tí báǹkì fúnra rẹ̀ kọ, kó sì yí gbólóhùn méjì péré padà.

Ìyá, nínú márùn-ún tí ẹ yí ká, bọ́tìnnì nìkan ni mo lè gbé dúró, kì í sì í ṣe nítorí àwọ̀ rẹ̀. Aago 2:47 òru kò jẹ́ ẹ̀rí, nítorí pé ẹ̀rọ ló ń fi ìwé báǹkì ránṣẹ́, ẹ̀rọ kì í sì í sùn. Lógò tí kò mọ́ lè jẹ́ nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò lágbára. «Dear Customer» ṣì ń jáde láti ọ̀dọ̀ báǹkì gidi nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè kan ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn lọ́wọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ sókè ìwé bí ẹni mọ̀ ọ́n. Wákàtí 24 jẹ́ àmì dé ìwọ̀n díẹ̀, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹ sáré kí ẹ tó ronú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ̀wé sí àwọn báǹkì pé kí wọ́n dí àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN lọ́wọ́. Orí òótọ́ yẹn ni irọ́ yìí gùn, òun ló sì fi ń dáni lójú.

Ohun mẹ́rin wà tí ẹ kò yí ká. Mẹ́ta wà lójú àwòrán báyìí, ìkẹrin kò lè hàn nínú àwòrán kankan àyàfi bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lókè, `bcc: me`. Bí ẹnìkan bá kọ ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ènìyàn púpọ̀, tó sì fi orúkọ wọn pamọ́ fún ara wọn, ohun tí Jímeèlì máa ń kọ nìyẹn. Ìwé tó ń sọ nípa àkáǹtì yín nìkan kò yẹ kó wá bẹ́ẹ̀. `to me` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìyẹn lèkíní.

Ẹ tún wo nọ́ńbà káàdì. Èyí ló máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jánu, wọ́n á ní, «Báwo ni wọ́n ṣe mọ bí nọ́ńbà mi ṣe bẹ̀rẹ̀?» Ẹ mú káàdì yín jáde, kí ẹ sì mú ti aládùúgbò yín. Àwọn nọ́ńbà tó ṣáájú jẹ́ ti irú káàdì àti ti báǹkì tó fún yín, wọn kì í ṣe ti yín, àìmọye káàdì ní Nàìjíríà ló sì fi 5399 bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni báǹkì máa ń fi hàn, nítorí pé àwọn ló ń ya káàdì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò mọ mẹ́rin ìkẹyìn, ìdí nìyẹn tó fi fi ìràwọ̀ bò ó.

Ẹ̀kẹta, píìnì. BVN jẹ́ nọ́ńbà 11 tó so orúkọ, àwòrán àti ìtẹ̀ka yín mọ́ àkáǹtì. Láti so ó pọ̀ mọ́ àkáǹtì, kò sí iṣẹ́ tí píìnì káàdì lè ṣe níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wá kí òun lè kọ orúkọ yín sínú ìwé, ẹ ó bi í pé kí ni kọ́kọ́rọ́ ń ṣe níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí mo sì rò pé ọmọ yín ń sọ, ni àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ. «BANKWA ALERT» kì í ṣe àdírẹ́sì. Orúkọ tí ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ pe ara rẹ̀ ni, èmi náà sì lè pe ara mi bẹ́ẹ̀ lónìí. Fóònù máa ń fi orúkọ yẹn hàn, á sì fi àdírẹ́sì pamọ́. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `bcc: me`, kí ẹ ya àwòrán mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì ewé náà mọ́lẹ̀ láì gbé e kúrò, títí tí àdírẹ́sì yóò fi jáde. Ẹ rọra, nítorí pé bí ìka bá tètè kúrò, ojú-ìwé náà yóò ṣí.

---

Ìyá Ọlọ́jà Bódìjà

Ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi nínú jẹ́. Irú ìwé yìí ni èmi gbà ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè. Lẹ́yìn tí mo kọ nọ́ńbà káàdì, ojú-ìwé náà ní kí n kọ nọ́ńbà mẹ́fà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo kọ ọ́. Ó ní kò tọ̀nà, kí n dúró de òmíràn. Mo dúró, òmíràn dé, mo tún kọ ọ́. Ó tún ní kò tọ̀nà. Ìgbà kẹta ni ọmọ ọjà mi ní kí n fi fóònù sílẹ̀. Owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà yẹn. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni pé báǹkì gan-an ló fi àwọn nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n jọ ń ṣe é ni?

---

Akọ̀wé Sáfà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá mi. Kò pọn dandan kí òṣìṣẹ́ báǹkì kankan lọ́wọ́ sí i. Bí ẹ ti ń kọ nọ́ńbà káàdì sínú ojú-ìwé wọn, ẹnìkan tàbí ẹ̀rọ kan wà lódì kejì tó ń fi í rajà níbòmíràn ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ọjà gidi tí wọ́n ń rà ló mú kí báǹkì gidi fi nọ́ńbà gidi ránṣẹ́ sí yín láti béèrè bóyá ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín gbé èsì náà fún wọn. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ní «kò tọ̀nà» ló tọ̀nà. Wọ́n kàn ń fi gbólóhùn yẹn gba òmíràn lọ́wọ́ yín láti ra ọjà kejì ni.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, kí ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì yẹn tán kó tó ṣe ohunkóhun. Iye owó àti orúkọ ibi tí wọ́n ti ń rajà sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́fà nìkan ni ojú ènìyàn máa ń wá. Bó bá ti kọ ọ́ tán, kó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, kó ní kí wọ́n dí káàdì náà pa lójú ẹsẹ̀. Yíyí píìnì padà nìkan kò tó, nítorí pé púpọ̀ nínú ìrajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò nílò píìnì rárá.

---

Alásọ Ìṣẹ́yìn

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí. Ohun tí mo rí rèé, mo yí ìparí wọn padà bíi ti Akọ̀wé:

```
From:  info@mail-kaadi.test
Link:  https://bankwa.example-bvn.test/login
```

Àdírẹ́sì báǹkì mi gidi ni `bankwa.example`. Ti àkọ́kọ́ kò jọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ojú mi rí `bankwa.example` nínú ti bọ́tìnnì. Ó ha lè jẹ́ ti wọn bí?

---

Akọ̀wé Sáfà

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú wa ti mọ́ kíkà láti òsì sí ọ̀tún, a sì máa ń dúró níbi tí orúkọ tí a mọ̀ bá ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn `https://`, ẹ wá `/` tó kọ́kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ìka lé e. Láti ibẹ̀, ẹ máa kà padà sí apá òsì. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá ni `test`, lẹ́yìn dọ́ọ̀tì ẹ ó bá `example-bvn`. Ẹ dúró níbẹ̀. `example-bvn.test` ni orúkọ tí ẹnìkan fi owó rà, òun ni onílé. Ohun yòówù tó bá wà ní òsì rẹ̀, onílé ló kọ ọ́ bó ṣe wù ú, bí ẹni tó kọ «Ààfin Ọba» sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ìlà kékeré `-` ló ṣe iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ `/` ló wà lẹ́yìn `bankwa.example`, ọ̀dọ̀ báǹkì ni ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n ìlà kékeré kì í parí orúkọ, ńṣe ló ń so ó pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún ṣọ́ra: bí ìparí bá jẹ́ `.com.ng`, ìkẹta láti ọ̀tún ni orúkọ tí wọ́n rà. Pé ó sì parí sí `.ng` kò sọ ọ́ di ti báǹkì. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra `.com.ng`. `.gov.ng` ni wọn kì í tà fún gbogbo ayé.

---

Olùkọ́ Àgbà

Mo gbà nípa àgádágodo, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi náà rí irú ìwé yìí gbà, mo sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo inú ìwé. Mo tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta, mo tẹ `Show original`, ó sì hàn gedegbe lókè pé SPF jẹ́ `PASS`, DKIM jẹ́ `PASS`, DMARC náà jẹ́ `PASS`. Gúgù ló yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Gúgù bá ní ó yege lẹ́ẹ̀mẹta, ta ni èmi tí n óò ní irọ́ ni?

---

Akọ̀wé Sáfà

Ọ̀gá, ẹ ti sún mọ́ ọn ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba owó oṣù lórí iṣẹ́ yìí lọ. Ìgbésẹ̀ kan ló kù. Ẹ padà sí ojú-ìwé yẹn, kí ẹ wá ìlà kan tó jọ èyí:

```
spf=pass   smtp.mailfrom=info@mail-kaadi.test
dkim=pass  header.i=@mail-kaadi.test
dmarc=pass header.from=mail-kaadi.test
```

Ìbéèrè tí Gúgù dáhùn ni pé: ṣé lóòótọ́ ni ìwé yìí ti ọ̀dọ̀ `mail-kaadi.test` wá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ló sì sọ. Kò sí ẹni tó bi í bóyá `mail-kaadi.test` ni báǹkì yín. Bí ọkùnrin kan bá wá sẹ́nu ọ̀nà yín tó ní aṣojú báǹkì ni òun, tó sì mú káàdì ìdánimọ̀ jáde, tí ẹ sì rí i pé káàdì náà kì í ṣe ayédèrú, ó ṣì kù kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Olè tó ra orúkọ tirẹ̀ tó sì tò ó dáadáa yóò yege lẹ́ẹ̀mẹta.

`FAIL` ló wúlò jù níbẹ̀. Bí ìwé bá ní ọ̀dọ̀ `bankwa.example` gan-an ni òun ti wá, tí DMARC sì jẹ́ `FAIL`, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.

N óò fi ìrírí kan kún un. Ní ibi iṣẹ́ tí mo wà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kan fi àwòrán irú ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó. Mo wo àwòrán, mo rí orúkọ ọ̀gá wa lókè, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, mo sì dáhùn pé kò sí ìṣòro. Ìṣòro wà. Àwòrán kò lè fi ibi tí líǹkì ń lọ hàn, kò sì lè fi inú ìwé hàn, mo sì fi ojú lásán dájọ́. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá fi àwòrán nìkan hàn mí, mo lè sọ pé «irọ́ ni», ṣùgbọ́n n kì í sọ pé «òótọ́ ni» mọ́.

---

Ọmọ Ìlọrin ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ẹ bá ń béèrè ibi tí ènìyàn lè fi ẹjọ́ irú ìwé yìí sùn, níbí, a máa ń darí rẹ̀ sí `report@phishing.gov.uk`. Ẹ darí ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ má fi àwòrán nìkan ránṣẹ́, nítorí pé líǹkì inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò kí wọ́n lè ti ojú-ìwé náà pa. Mo gba tèmi pé ọ́fíìsì owó orí fẹ́ dá owó padà fún mi.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ gbogbo wíwá àmì yìí. Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, n kò lè ní kó máa ka àdírẹ́sì láti ọ̀tún sí òsì. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó má tẹ líǹkì kankan nínú ímeèlì láéláé, ì báà jẹ́ ti báǹkì gidi. Ó tán.

---

Olùkọ́ Àgbà

Èmi náà ti lé ní 70, mo sì kà á láti ọ̀tún sí òsì ní àárọ̀ yìí láìsí wàhálà. Ẹ má fi ọjọ́ orí ṣe òdiwọ̀n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, báǹkì tèmi máa ń fi àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù ránṣẹ́ nípasẹ̀ líǹkì. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, n kò ní rí i.

---

Ọmọ Ìlọrin ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ lè rí àkọsílẹ̀ kan náà nínú áàpù báǹkì, ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yẹn, ẹ má bínú, ìyá mi nìkan ni mo ń sọ nípa rẹ̀.

---

Alásọ Ìṣẹ́yìn

Mo ti tún àwòrán náà yí ká, ẹ lọ wò ó lókè. Mo pa aago àti lógò rẹ́, mo fi àmì sí `bcc: me`, nọ́ńbà 5399, píìnì, àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ, àti ìlà kékeré inú líǹkì.

Ṣùgbọ́n ohun kan dà mí láàmú. Mo padà sí ìwé tí báǹkì mi fi ránṣẹ́ ní ọdún tó kọjá, èyí tó dá mi lójú pé tiwọn ni, nítorí pé mo wà ní báńkì ní ọjọ́ náà tí òṣìṣẹ́ wọn fi ránṣẹ́ lójú mi. Mo tẹ bọ́tìnnì inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àdírẹ́sì tó jáde kì í ṣe ti báǹkì rárá, orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí n kò mọ̀ rí ni, pẹ̀lú ìdìpọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá lo ohun tí ẹ kọ́ mi, n óò ní ayédèrú ni.

---

Akọ̀wé Sáfà

Òótọ́ lẹ rí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn báǹkì kan máa ń gbé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, ilé-iṣẹ́ yẹn sì máa ń fi àdírẹ́sì tirẹ̀ ṣíwájú líǹkì kí ó lè ka iye ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́, kó tó darí yín sí ọ̀dọ̀ báǹkì. Àṣà tí kò dára ni lójú tèmi, nítorí pé ó ń kọ́ oníbàárà láti máa tẹ líǹkì tí kò mọ̀. Nítorí náà, àdírẹ́sì àjèjì nínú líǹkì lágbára bí àmì bí àwọn mìíràn bá tì í lẹ́yìn, bíi píìnì tí wọ́n béèrè nínú ìwé yín. Bó bá dá wà, kò tó láti fi dájọ́. N kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti fi ojú fóònù ya méjèèjì sọ́tọ̀.

---

Ọmọ Ìlọrin ní Lọ́ńdọ̀nù

Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

---

Alásọ Ìṣẹ́yìn

Mo ṣí áàpù báǹkì fúnra mi, kò sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀ nípa BVN. Mo sì pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì. Ọmọbìnrin tó gbé e ní BVN mi ti wà lórí àkáǹtì náà láti ọdún 2015, ó sì ní kí n darí ìwé náà sí àwọn. Mo ti darí rẹ̀. Ìyá Ọlọ́jà, ṣé ẹ ti dí káàdì yín pa?

---

Ìyá Ọlọ́jà Bódìjà

Píìnì nìkan ni mo yí padà. Mo ń lọ sí báǹkì báyìí.